Àdéhùn ìlàjà tí kóòtù lè mú ṣẹ: ọ̀rọ̀ owó ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà ní Ìjẹ̀bú Òde

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà ni bàbá wa fi sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú Òde. Ìyàwó méjì ni wọ́n ní. Àwa méjì ni ìyá wa bí, márùn-ún ni ti ìyá kejì. Ẹjọ́ wà ní Kóòtù Gíga, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ẹbí gbà wá níyànjú, a lọ sọ́dọ̀ onílàjà, a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé 'ìhà méjèèjì gbà láti máa pín owó ṣọ́ọ̀bù dọ́gba, kí àlàáfíà sì jọba.' Kò pẹ́ tí ìjà tún fi bẹ̀rẹ̀. Bùrọ̀dá wa láti ọ̀dọ̀ ìyá kejì, tó ń gbowó, ní òun ti fi lára owó ọdún méjì ṣe òrùlé. Báwo ni ká ṣe kọ àdéhùn mìíràn tí kò ní já sí báyìí?"

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú. Bí ẹ bá gbé gbólóhùn tí ẹ kọ yẹn síwájú adájọ́ lónìí, tí adájọ́ sì sọ ọ́ di ìdájọ́ bó ṣe wà, akódà kóòtù kò ní rí iṣẹ́ kankan ṣe lé e lórí. Òfin wa ya oríṣi ìdájọ́ méjì sọ́tọ̀. Ọ̀kan ń sọ ẹni tó ni ẹ̀tọ́, irú bíi "ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí jẹ́ ti ìhà méjèèjì." Èkejì ń pàṣẹ pé kí ẹnìkan ṣe nǹkan kan, irú bíi "kí Lágbájá san iye báyìí fún Tèmẹ̀dù kó tó di ọjọ́ báyìí." Ti àkọ́kọ́ ń fi ẹ̀tọ́ hàn, ṣùgbọ́n a kì í fi í kó ẹrù ẹnikẹ́ni, nítorí kò pàṣẹ ohunkóhun. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ nínú irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ní láti padà lọ gba àṣẹ mìíràn. Ohun tí ẹ kọ kò tilẹ̀ tó ti àkọ́kọ́ yẹn, nítorí "kí àlàáfíà jọba" àdúrà ni. Kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè kùnà láti ṣe kí a sì fi han kóòtù pé ó kùnà. Nítorí náà, gbogbo gbólóhùn tó bá máa wọ inú àdéhùn yín tuntun gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tí yóò ṣe é, ohun tí yóò ṣe gan-an, ọjọ́ tí yóò ti ṣe é tán, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí kò bá ṣe é.

Ṣùgbọ́n kí n tó dé orí bí a ṣe ń kọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ nípa ẹjọ́ tó wà ní kóòtù yẹn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń pàdánù. Bí ìlàjà bá ti kẹ́sẹ járí báyìí, àwọn àgbà á ní kí olùpẹ̀jọ́ lọ fa ẹjọ́ rẹ̀ yọ kí ọkàn gbogbo èèyàn lè balẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Arbitration and Mediation Act, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2023 láti rọ́pò ti ọdún 1988, sọ pé àdéhùn tó tinú ìlàjà jáde de gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀, àti pé a lè mú un ṣẹ ní kóòtù gẹ́gẹ́ bí àdéhùn lásán tàbí gẹ́gẹ́ bí ìdájọ́ ìfẹnukò. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò kéré. Bí ó bá jẹ́ àdéhùn lásán, ọjọ́ tí bùrọ̀dá yín bá yẹ̀ ẹ́ ni ẹ ó tún gbé ẹjọ́ tuntun dìde, tí ẹ ó máa pe ẹlẹ́rìí láti fi hàn pé àdéhùn wà àti pé ó yẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìdájọ́ ìfẹnukò, ẹjọ́ ti parí, ìmúṣẹ nìkan ló kù. Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, ní abala 241, tilẹ̀ sọ pé ẹnikẹ́ni kò lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ láìgba àyè lọ́wọ́ kóòtù. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹjọ́ yẹn wà níbi tó wà. Kí àwọn lọ́yà ìhà méjèèjì kọ àdéhùn tuntun sábẹ́ nọ́ńbà ẹjọ́ náà, kí gbogbo yín buwọ́ lù ú, kí àwọn lọ́yà náà buwọ́ lù ú, kí wọ́n fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kóòtù, kí wọ́n sì bẹ adájọ́ ní ọjọ́ tí ẹjọ́ bá tún bọ́ sí pé kí ó sọ ọ́ di ìdájọ́ rẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó bí ìjà gan-an, ìyẹn "dọ́gba." Ìyá méjì ló wà nínú ilé yín, àwọn ọmọ sì jẹ́ méje. Ẹ̀yin méjì lè máa rò pé dọ́gba túmọ̀ sí ìdajì fún ìyá kọ̀ọ̀kan, kí àwọn márùn-ún máa rò pé ó túmọ̀ sí ọ̀nà méje, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú yín. Ìdí-igi ni à ń pe ti àkọ́kọ́, orí-ò-jorí ni èkejì, ọ̀nà méjèèjì ló sì wà nínú àṣà wa. Ẹjọ́ tó lókìkí jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ti ogún Suberu Dáwódù ní Èkó, ẹni tó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ẹjọ́ náà lọ títí dé Ìgbìmọ̀ Àgbà Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn yẹn sì dá a ní ọdún 1962 pé ìdí-igi ni ìlànà tó gbilẹ̀, àti pé orí-ò-jorí jẹ́ ohun tí olórí ẹbí lè lò bí àríyànjiyàn bá wà nípa bí wọn yóò ṣe pín ogún. Ẹ wò ó, bí ẹbí kan náà bá lè bá ara wọn dé Lọ́ńdọ̀nù lórí ọ̀nà tí a ó gbà pín nǹkan, kò yẹ kí ẹ̀yin fi í sílẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ mú ọ̀kan nínú méjèèjì, kí ẹ sì fi ìdá rẹ̀ kọ ọ́: "ìdajì owó náà fún ìdí-igi Ìyá Àgbà, ìdajì fún ìdí-igi Ìyá Kékeré," kí orúkọ àwọn ọmọ méjèèje sì tẹ̀lé e, oníkálukú lábẹ́ ìyá tó bí i. Bí ẹ ó ṣe wá pín ìdajì tiyín láàárín ara yín kò kan ìhà kejì, kí ẹ má sì kọ ọ́ síbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni owó ọdún méjì tó wà lọ́wọ́ bùrọ̀dá yín. Ẹ kò sọ iye rẹ̀ fún mi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi owó àpẹẹrẹ ṣe é, kí ẹ fi iye tiyín rọ́pò rẹ̀. Ká ní ₦250,000 ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ń mú wá lọ́dún. Mẹ́fà á mú ₦1,500,000 wá, ọdún méjì á sì jẹ́ ₦3,000,000. Bùrọ̀dá ní òun ná ₦800,000 sórí òrùlé, ṣùgbọ́n rìsíìtì tó rí mú jáde kò ju ₦560,000 lọ. Iwájú onílàjà ni ẹ ó ti parí àríyànjiyàn yìí, kì í ṣe inú ìwé. Bí ẹ bá gbà fún un ní iye tí rìsíìtì rẹ̀ gbè, ₦2,440,000 ló kù, ìdajì tiyín níbẹ̀ sì jẹ́ ₦1,220,000. Iye yìí gan-an ni kó wọ inú àdéhùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ ọ́ pé "yóò san ìdajì owó tó gbà lẹ́yìn tó bá yọ ìnáwó tó tọ́ kúrò." Gbólóhùn yẹn ti tún dá ẹjọ́ mìíràn sílẹ̀, nítorí kóòtù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rí nípa ohun tí ìnáwó tó tọ́ jẹ́ kí ó tó mọ iye tí akódà máa lọ gbà.

Bí n bá ń kọ ọ́ fún yín, báyìí ni n ó ṣe kọ ọ́: "Olùjẹ́jọ́ kìíní yóò san ₦1,220,000 fún olùpẹ̀jọ́ kìíní àti ìkejì, ní ìgbà mẹ́rin, ₦305,000 nígbà kọ̀ọ̀kan, sínú akáǹtì tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nísàlẹ̀ yìí, ó pẹ́ tán ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà, ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án àti ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ọdún 2026. Bí èyíkéyìí nínú owó wọ̀nyí bá fi ọjọ́ 14 kọjá ọjọ́ rẹ̀ láìsan, gbogbo èyí tó bá ṣẹ́kù di sísan lẹ́ẹ̀kan náà, olùpẹ̀jọ́ sì lè bẹ̀rẹ̀ ìmúṣẹ láìtún gbé ẹjọ́ mìíràn dìde." Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló ń mú kí ó tọ́ láti san owó díẹ̀díẹ̀. Láìsí i, bí ó bá yẹ ti oṣù Kẹta, ₦305,000 péré lẹ lè lé, ẹ ó sì máa dúró de oṣù Kẹfà kí ẹ tó lè sọ̀rọ̀ nípa ìyókù.

Àwọn ọmọ wa tó ń bínú máa ń fẹ́ kí a fi ìyà gidi sí i: "bí ó bá pẹ́ ní ọjọ́ kan, kí ó san mílíọ̀nù márùn-ún." Mo mọ ibi tí ìbínú yẹn ti wá, ṣùgbọ́n kóòtù kì í sábà mú irú rẹ̀ ṣẹ. Bí iye tí a dá lé ẹni tó yẹ àdéhùn bá ju àdánù tí ìyẹ̀ náà lè fà lọ fíìfíì, ìtanràn ìdẹ́rùbà ni òfin ń pè é, adájọ́ á sì gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èlé tó mọ níwọ̀n lórí owó tó pẹ́ ni kí ẹ fi sí i.

Ti ọjọ́ iwájú ló nira jù, nítorí owó tó ti kọjá máa ń tán, ṣùgbọ́n ọdọọdún ni owó ṣọ́ọ̀bù ń wọlé. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí owó náà má wọ ọwọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Kí ẹ ṣí akáǹtì kan ní báǹkì lórúkọ ẹbí, tí ẹnìkan láti ìdí-igi kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jọ buwọ́ lùwé kí kọ́bọ̀ tó jáde níbẹ̀. Ìdí kan wà tí èyí fi máa ń kùnà, wọn kì í sì í tètè rí i: àwọn ayálégbé kò sí nínú àdéhùn yín. Ẹ lè kọ ọ́ sínú ìwé pé akáǹtì ẹbí ni kí wọ́n sanwó sí, àmọ́ àdéhùn kò lè de ẹni tí kò buwọ́ lù ú. Bí bùrọ̀dá bá tún wọlé tọ̀ wọ́n lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, wọ́n á kówó fún un bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, wọn kò sì ní jẹ̀bi. Ohun tí ẹ ó fi dí ihò yìí ni kí ẹ kọ lẹ́tà sí ayálégbé kọ̀ọ̀kan, kí ìhà méjèèjì buwọ́ lù ú níwájú onílàjà ní ọjọ́ kan náà tí ẹ bá ń buwọ́ lu àdéhùn, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ àdéhùn. Kí àdéhùn wá sọ pé owó ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí tó bá kan ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kí onítọ̀hún san án sínú akáǹtì náà láàárín ọjọ́ 7.

Ọ̀rọ̀ àtúnṣe náà ń fẹ́ ààyè tirẹ̀, ibẹ̀ ni bùrọ̀dá yín gbà wọlé lọ́jọ́sí. Kí ẹ yọ ìdá kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, ká ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú ₦1,500,000 ìyẹn jẹ́ ₦150,000. ₦1,350,000 ló kù láti pín, ₦675,000 fún ìdí-igi kọ̀ọ̀kan. Àtúnṣe tí kò bá ju ₦50,000 lọ, ẹni tí ẹ bá yàn lè ṣe é, kó sì mú rìsíìtì wá. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí àwọn méjèèjì tó ń buwọ́ lùwé ní báǹkì kọ́kọ́ fọwọ́ sí iye tí oníṣẹ́ sọ. Ìjì lè ṣí páànù ní òru, kí ìhà kan má sì sí nílé: kí ẹ kọ ọ́ pé bí ẹnìkan nínú àwọn méjèèjì kò bá fèsì láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn tí wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ tó wà nínú àdéhùn, ẹnìkejì lè ṣe ìwọ̀nba èyí tí kò ní jẹ́ kí òjò wọlé. Kí ẹ sì kọ ọ́ gbangba pé ìnáwó èyíkéyìí tí kò bá gba ọ̀nà yìí, ọrùn ẹni tó ná an ló wà, a kò ní yọ ọ́ nínú owó ẹbí. Gbólóhùn kan yìí ni ìdáhùn sí "mo ti fi ṣe òrùlé."

Bí ọ̀kan nínú àwọn tó ń buwọ́ lùwé bá kú tàbí tó bá kó lọ sí òkè òkun, kí ìdí-igi rẹ̀ yan ẹlòmíràn láàárín ọjọ́ 30. Tí àdéhùn kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ìjà ipò ni yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjà owó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìfarabalẹ̀ wo ẹni tí ó máa buwọ́ lù ú. Dúkìá ẹbí ni, kì í ṣe ti ẹnìkan. Láti ọdún 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà nígbà náà ti là á kalẹ̀ nípa títa ilẹ̀ ẹbí pé èyí tí a tà láìsí olórí ẹbí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ rárá, àti pé èyí tí olórí ẹbí dá tà láìsí àwọn àgbà ẹbí, àwọn yẹn lè wọ́ ọ nílẹ̀. Kò sí títà nínú ọ̀rọ̀ tiyín, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kan náà ni: bí Dáwódù, ìyẹn àkọ́bí ọkùnrin nínú ilé yín, bá buwọ́ lù ú tí ọmọ kan láti ìdí-igi rẹ̀ kò sí níbẹ̀, ẹni yẹn ni yóò dìde lọ́la pé kò kan òun. Gbogbo ẹ̀yin méjèèje ni kó wà nínú ẹjọ́ náà tàbí kí kóòtù ti gbà kí ẹnìkan ṣojú yín. Èyí tó bá wà lókè òkun, kí ó fi ìwé àṣẹ aṣojú ránṣẹ́, kó sì jẹ́ pé ìwé náà sọ gbangba pé aṣojú lè bá a parí ẹjọ́.

Bí ìyá kejì bá wà láyé tí wọn kò sì mọ̀wé, kí wọ́n má kàn tẹ̀ka lásán. Òfin Ìdáàbòbò Àwọn Aláìmọ̀wé ní kí ẹni tó bá kọ ìwé fún aláìmọ̀wé kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i, kí ó sì fi hàn pé wọ́n ti kà á sí onítọ̀hún létí, wọ́n sì ti túmọ̀ rẹ̀ fún un kó tó tẹ̀ka. Bí èyí kò bá sí níbẹ̀, tí màmá bá sọ fún kóòtù pé ohun tí wọ́n kà fún òun kọ́ ló wà nínú ìwé, kóòtù á fetí sí wọn. Ìjẹ̀bú ni kí ẹ fi kà á fún wọn bí Ìjẹ̀bú bá ni wọ́n ń sọ. Yorùbá àjùmọ̀lò tí lọ́yà fi ń kà á lè ṣókùnkùn sí àgbàlagbà tó dàgbà sí abúlé.

Kí àdéhùn sọ bákan náà ohun tí ó parí àti ohun tí kò parí. "Àdéhùn yìí rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, ó sì parí gbogbo ìbéèrè lórí owó ṣọ́ọ̀bù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà títí di ọjọ́ tí a buwọ́ lù ú" ti tó fún apá kan. Bí ilẹ̀ oko tàbí ilé àgbà bá wà tí ẹ kò tíì sọ̀rọ̀ lé lórí, ẹ kọ ọ́ pé kò sí nínú èyí. Bákan náà, ìlérí ẹnu tí ẹnìkan ṣe lọ́dọ̀ onílàjà, irú bíi pé òun á fi ṣọ́ọ̀bù kan sílẹ̀ fún àbúrò yín láìgbowó, bí kò bá sí nínú ìwé, ẹ má fọkàn sí i. Àṣírí ni ọ̀rọ̀ ìlàjà, ẹ kò ní lè pe onílàjà wá sí kóòtù pé kó jẹ́rìí ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ti mú ọ̀rọ̀ yìí dé àgọ́ ọlọ́pàá, kí ẹ má kọ ọ́ pé ẹ gbowó láti pa ẹjọ́ ọ̀daràn rẹ́. Ó lè di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin fún ẹni tó gba owó náà.

Ó ku àdírẹ́sì. Ó dà bí ohun tí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ kọ àdírẹ́sì ilé tí bùrọ̀dá ń gbé sínú àdéhùn pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Bí kò bá san owó, akódà á lọ kó ẹrù rẹ̀, tàbí kí ẹ gba àṣẹ kóòtù láti mú owó rẹ̀ ní báǹkì. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé nǹkan tí ó yẹ kó ṣe ni kò ṣe, bíi kó buwọ́ lu ìwé báǹkì, ọ̀nà tiyín ni Fọ́ọ̀mù 48, èyí tí kóòtù fi ń kìlọ̀ fún un pé ó lè lọ sẹ́wọ̀n bí ó bá ń ṣàìgbọràn, lẹ́yìn náà Fọ́ọ̀mù 49, tí ó fi ń pè é wá ṣàlàyé ìdí tí kò fi yẹ kó lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé wọ̀nyí gbọ́dọ̀ bọ́ sí, àfi bí kóòtù bá fún yín láyè láti gba ọ̀nà mìíràn. Ọ̀pọ̀ ìdájọ́ tó dára ló ti kú sí ọwọ́ akódà tó ń wá ẹni tí kò rí. Ní ọjọ́ tí adájọ́ bá sọ àdéhùn di ìdájọ́, kí lọ́yà yín bèèrè lọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù fún ẹ̀dà méjì tí kóòtù fi òǹtẹ̀ lù, kí ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí báǹkì tí akáǹtì ẹbí wà, kí ọ̀kan sì wà lọ́wọ́ yín.